Iṣẹ́ Tí A Kò Sanwó Fún: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Kí Ó Lè Wọ Ìrírí

*Ẹ kú iṣẹ́. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bójú tó ètò ìkọ́ni tí a ń ṣe fún àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa, ó sì ti di ọdún méjì tí wọ́n dìbò yàn mí ṣe akápò ẹgbẹ́ àdúgbò. N kò gba owó kankan lórí méjèèjì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kíkọ ìwé owó ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ta ohun èlò ìkọ́lé. Mo wá rí ìkéde iṣẹ́ alákòóso ètò ní àjọ kan tí kò wá èrè, wọ́n sì ní àwọn ń fẹ́ ẹni tí ó ní ìrírí ọdún mẹ́ta. Ṣé mo lè ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wọ̀nyí mọ́ ọn? Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí wọn kò fi ní rò pé ńṣe ni mo ń bù mọ́ ọ̀rọ̀?*

Ẹ lè kà á mọ́ ọn, ó sì yẹ kí ẹ kà á. Kì í sábà jẹ́ àìsí owó nínú iṣẹ́ náà ló ń ba irú ìwé ìwáṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ibi tí ẹni tí ó kọ ọ́ gbé e sí ló ń bà á jẹ́, àti bí ó ṣe ka àkókò tí ó lò. Mo ti bá àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣa ìwé ìwáṣẹ́ fún àwọn àjọ kéékèèké jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti rí ẹni tí ó darí ètò odindi fún ọdún márùn-ún tí ó fi gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, lábẹ́ àwọn eré ìdárayá tí ó fẹ́ràn. Mo sì ti rí ẹlòmíràn tí ó fi òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù ṣe ìrànwọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí ó wá kọ ọ́ bí ẹni pé ojoojúmọ́ ni ó ń lọ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a kò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ì bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pín ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn sí méjì, wọ́n á fi «Iṣẹ́» sí òkè, wọ́n á sì fi «Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni» sí ìsàlẹ̀. Ìpín bẹ́ẹ̀ kò bójú mu fún yín, nítorí owó ni ó fi pín in, nígbà tí ẹni tí yóò ka ìwé náà ń wá ohun tí ẹ ti ṣe rí tí ó jọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ gbé fún yín. Ẹ yọ àkọlé méjèèjì kúrò, kí ẹ sì fi ẹyọ kan rọ́pò wọn: «Ìrírí Tó Bá Iṣẹ́ Yìí Mu». Lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ to iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín sí, olówó àti aláìlówó. Ìlànà tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó dé kẹ́yìn ni a ń kọ ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí náà ó kù sí yín lọ́wọ́ láti to wọn bí wọ́n ṣe súnmọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń wá. Ètò ìkọ́ni ni èmi yóò fi ṣíwájú, kí ipò akápò tẹ̀ lé e, kí iṣẹ́ ìwé owó sì gbẹ̀yìn.

Ẹ má ṣe yọ iṣẹ́ ìwé owó náà kúrò pẹ̀lú èrò pé ilé iṣẹ́ olókòwò ni. Òun ni ó ń fi hàn pé ẹ kò ní àlàfo kankan nínú ìtàn iṣẹ́ yín, òun náà ni yóò sì jẹ́ kí wọ́n gbà yín gbọ́ nígbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ owó. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó o.

Lẹ́yìn ibi tí a gbé e sí ni orúkọ ipò. Bí ẹ bá ti kó iṣẹ́ aláìlówó mọ́ iṣẹ́ olówó lábẹ́ àkọlé kan, ó di dandan kí ẹ sọ èyí tí kò ní owó nínú ní gbangba, lórí ìlà orúkọ ipò gan-an. Ẹ kò ní láti tọrọ gáfárà nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú àkámọ́ ti tó: «Alákòóso ètò ìkọ́ni ìrọ̀lẹ́ (iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni)». Àwọn kan máa ń fi í pamọ́, wọ́n á ní àwọn kò parọ́, àwọn kò kàn sọ ọ́ ni. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àjọ náà yóò pe ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni náà yóò sì dáhùn pẹ̀lú inú rere pé, «Ó ṣe gudugudu méje fún wa, a kò sì fún un ní nǹkan kan.» Láti ìgbà náà lọ ni wọn yóò ti máa fi ojú mìíràn wo gbogbo ìlà yòókù nínú ìwé náà. Nínú iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ owó àwọn olùtọrẹ, ìfura kékeré bẹ́ẹ̀ ti tó láti pa ìwé kan tì.

Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fún yín ní orúkọ oyè kankan nínú ètò ìkọ́ni náà, ẹ má ṣe dá orúkọ ńlá sílẹ̀ fún ara yín. «Ọ̀gá àgbà» tàbí «olùdásílẹ̀» máa ń pa àwọn tí ń ka ìwé lẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rí i pé olùkọ́ mẹ́ta péré ni ó wà nínú ètò náà. Ẹ lo orúkọ tí ó ṣe àpèjúwe ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ sì bi alága tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ bóyá orúkọ kan náà ni òun yóò pè é bí wọ́n bá tẹ òun láago. Ti akápò yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí ipò tí ó ní orúkọ ni, wọ́n sì dìbò fún un. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n dìbò yàn yín. Ẹni tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbé owó wọn lé lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún fi ìbò dá padà sípò lẹ́yìn ọdún kan, ti yege nínú ìdánwò kan tí ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kò lè fún un. Bí wọ́n bá tún yín yàn, ìyẹn náà yẹ ní kíkọ.

Orí àkókò ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn jù. Ìkéde náà ní ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin sì ti lo ọdún mẹ́rin, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ọdún mẹ́rin ni kàlẹ́ńdà yín kà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìkéde náà lè jẹ́ pé ọdún mẹ́ta iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ó ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà ṣe é, kí ẹ lè rí bí àlàfo náà ti tóbi tó. Ẹ ó wá fi nọ́ńbà tiyín gan-an rọ́pò tèmi.

Ká ní ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ẹ fi ń kọ́ni, wákàtí méjì méjì, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Ká ní pípe àwọn olùkọ́, títo ìwé orúkọ àti bíbá àwọn òbí sọ̀rọ̀ tún gba wákàtí mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 7 lọ́sẹ̀. Bí ètò náà bá ń sinmi nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 40 lọ́dún, wákàtí 280 ni ọdún kan, ọdún mẹ́rin sì jẹ́ 1,120. Ti akápò ńkọ́? Bí ó bá ń gba wákàtí 10 lóṣù, oṣù 24 jẹ́ 240. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ wákàtí 1,360. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ yóò ṣe iye wákàtí yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ 34, tí kò pé oṣù mẹ́jọ.

Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí lè bani lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ ṣe é nílé ju kí ẹlòmíràn ṣe é fún yín lórí tábìlì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń kà á báyìí gẹ́lẹ́. Ìlànà ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, gba iṣẹ́ aláìlówó gẹ́gẹ́ bí ìrírí bí ó ti gba iṣẹ́ olówó, ṣùgbọ́n ó ń béèrè iye wákàtí tí ènìyàn fi ṣe é lọ́sẹ̀, ìwọ̀n wákàtí náà ni ó sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjọ kéékèèké kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ẹ ti rí ètò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé ẹ mọ ohun tí ó máa ń bàjẹ́ ní àárín ọdún, nígbà tí àwọn olùyọ̀ǹda bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní ojú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin tí ẹ lò ní iyì tirẹ̀ tí iye wákàtí kò lè sọ.

Nítorí pé ẹ kò mọ irú ẹni tí yóò ka tiyín, ẹ kọ méjèèjì: oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tí ẹ dé, kí wákàtí lọ́sẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè ní ẹ ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, nítorí ẹ ti fi ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. Àṣìṣe kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọdún mẹ́rin ètò ìkọ́ni àti ọdún méjì akápò kì í ṣe ọdún mẹ́fà, nítorí ọdún méjì náà wà nínú mẹ́rin yẹn. A lè ro wákàtí wọn pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè ro ọdún wọn pọ̀. Bí fọ́ọ̀mù orí ayélujára bá béèrè iye ọdún ìrírí yín lápapọ̀, mẹ́rin ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì ṣàlàyé wákàtí rẹ̀ níbi tí àyè bá ti wà.

Kí ẹ tó lo ọjọ́ méjì lórí ìwé náà, ẹ bi àjọ náà léèrè. Ẹ wo ìkéde náà dáadáa bóyá ọdún mẹ́ta wà lára ohun tí ó jẹ́ dandan tàbí lára ohun tí wọ́n kàn fẹ́. Bí ó bá jẹ́ dandan, tí orúkọ ẹnìkan tí a lè kọ̀wé sí sì wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé kúkúrú báyìí: «Nínú ìkéde yín, ẹ béèrè ìrírí ọdún mẹ́ta nínú àkóso ètò. Mo ti fi wákàtí méje lọ́sẹ̀ ṣe àkóso ètò ìkọ́ni kan fún ọdún mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí olùyọ̀ǹda. Ǹjẹ́ ẹ̀ ń ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ń kà á, ṣé iye ọdún ni ẹ fi ń kà á tàbí iye wákàtí?» Ìdáhùn wọn kò ní jẹ́ kí ẹ fi àkókò yín ṣòfò. Bí wọ́n bá ní wákàtí ni, tí wọn kò sì lè yí i padà, ẹ bi wọ́n bóyá ipò igbákejì alákòóso wà.

Nísinsìnyí, ohun tí ẹ ó kọ sí abẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ ìkéde náà jáde, kí ẹ sì fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú ìkéde iṣẹ́ alákòóso ètò, ẹ ó sábà rí irú nǹkan wọ̀nyí: wíwá olùyọ̀ǹda àti kíkọ́ wọn níṣẹ́, ṣíṣe ètò àkókò, títọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ètò náà ń ṣe láǹfààní, títẹ̀lé ètò ìnáwó, àti kíkọ ìjábọ̀ fún olùtọrẹ. Ẹ kò ní láti fi ọ̀rọ̀ wọn gẹ́lẹ́ kọ tiyín, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń ka ìwé náà lè fi ìka kan sórí ìkéde rẹ̀, kí ó sì fi ìka kejì sórí ohun tí ó bá a dọ́gba nínú ìwé yín.

Ohun tí mo máa ń rí nínú ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn bá kọ ni èyí: «Mo máa ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, mo sì nífẹ̀ẹ́ sí ìlọsíwájú wọn.» Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo náà lè kọ ọ́. Iṣẹ́ alákòóso kò hàn nínú rẹ̀ rárá. Ẹ fi í wé èyí, tí mo fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ kọ:

Alákòóso ètò ìkọ́ni ìrọ̀lẹ́ (iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni), ẹgbẹ́ àdúgbò
Oṣù Kẹsàn-án 2021 títí di ìsinsìnyí. Wákàtí 7 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 40 lọ́dún

Mo ń wá àwọn olùkọ́ olùyọ̀ǹda, mo sì ń tọ́ wọn sọ́nà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. 14 ni ó ti bá wa ṣiṣẹ́, 6 nínú wọn sì lo ju ọdún kan lọ.

Mo ń to àkókò ìkọ́ni fún ọmọ 35 ní ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀, mo sì ń wá arọ́pò bí olùkọ́ kan kò bá lè wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ìwásí tí kò sí tẹ́lẹ̀, mo sì fi ń kọ ìjábọ̀ sáà kọ̀ọ̀kan fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan nínú rẹ̀. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé kò sọ pé àwọn ọmọ náà ń gba máàkì tí ó ga sí i. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ àjọ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ètò kan ṣe àti ìyípadà tí ó mú wá, wọn kò sì ní gba èkejì láìsí ẹ̀rí. Ọmọ 35 tí ó ń wá déédéé jẹ́ ohun tí ètò náà ṣe, ìwé ìwásí ni ó sì jẹ́rìí sí i. Pé wọ́n mọ ìṣirò sí i jẹ́ ìyípadà, ẹ kò sì lè sọ ọ́ àfi bí ẹ bá dán wọn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ìwé kan tí ó kọ pé ètò ìkọ́ni òun gbé máàkì àwọn ọmọ sókè ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a bi ẹni tí ó kọ ọ́ léèrè bí ó ṣe wọ̀n ọ́n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí ń sọ. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bí ẹ kò bá rántí nọ́ńbà, ẹ má ṣe fojú dá a. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà níbì kan: nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, nínú ìwé orúkọ, nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ lórí WhatsApp, nínú rìsíìtì ìwé àti gègé tí ẹ rà. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan kó wọn jọ. Bí ẹ bá sì rí i pé 30 sí 35 ni, ẹ kọ 30. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà lórí «mo» àti «a». Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ètò náà, ẹ sọ pé ẹ̀yin àti ẹni méjì ni, kí ẹ wá sọ apá tí ó jẹ́ tiyín. Ìgbìmọ̀ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn nítorí pé ó bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n «a ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún» láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń mú kí a béèrè pé kí ni ẹni yìí fúnra rẹ̀ wá ṣe.

Ipò akápò ni ó ṣeé ṣe kí ẹ má ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí. Ohun tí mo máa ń rí ni «Mo ń gba owó ẹgbẹ́, mo sì ń tọ́jú rẹ̀.» Ṣùgbọ́n àjọ tí kò wá èrè ń fi owó ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ni, ohun tí ó sì ń bẹ̀rù jù ni pé kí owó náà má ṣe ní àlàyé. Ẹ ronú nípa nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni bí agbára lórí owó ṣe pín. Ṣé ẹni tí ń gba owó náà ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ni ó tún ń bu ọwọ́ lu ìwé sọ̀wédowó? Bí ó bá jẹ́ pé lábẹ́ ìṣàkóso yín ni ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbuwọ́lù ẹni méjì, tàbí tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé báǹkì wé ìwé yín ní oṣooṣù, ìlà kan tí ó sọ èyí wúlò ju ìlà márùn-ún tí ó ní olóòótọ́ ni yín.

Èkejì ni owó tí a dárúkọ iṣẹ́ fún. Bí ẹnìkan bá fún ẹgbẹ́ ní owó pé kí a fi ra ìwé fún àwọn ọmọ, a kò lè fi í tún òpópónà ṣe, bí ó ti wù kí òpópónà náà bàjẹ́ tó. Bí ẹ bá ti ya irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé yín rí, tí ẹ sì jábọ̀ fún ẹni tí ó fún yín, ẹ ti ṣe ohun tí àwọn alákòóso ètò ń ṣe pẹ̀lú owó olùtọrẹ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ akápò ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe é láìmọ̀ pé ó ní orúkọ, nítorí náà wọn kì í kọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé bí ó bá wà nínú ìtàn yín, òun ni ìlà tí ó níye lórí jù nínú gbogbo ìwé náà.

Ẹ̀kẹta ni iye owó náà. Ẹ kọ iye tí ó gba ọwọ́ yín kọjá lọ́dún kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí bí ẹ bá fò ó, ẹni tí ń kà á yóò rò pé ó kéré ju bí ó ti rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìyọ̀ǹda ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ síta. Lápapọ̀, ẹ lè kọ ọ́ báyìí: «Akápò tí a dìbò yàn (iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni), wákàtí 10 lóṣù. Mo ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ tí ó ní ilé 120. Mo mú kí ìbuwọ́lù ẹni méjì di ìlànà. Mo ya owó ìrànwọ́ ìwé àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nínú ìwé, mo sì jábọ̀ ìnáwó rẹ̀ fún ẹni tí ó fún wa. Mo ń ka ìjábọ̀ owó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù mẹ́ta mẹ́ta.» Lẹ́yìn èyí ni ìlà iṣẹ́ ìwé owó yín ní ilé iṣẹ́ yóò wá ní ìtumọ̀, nítorí ó ti hàn pé ẹni tí a kọ́ níṣẹ́ owó ni ó ń ṣe akápò náà.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ di ipò mú nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ ní ṣókí. Ipò nínú ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí ṣeé kọ, bí ẹ bá kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀ dípò ìgbàgbọ́ yín. Ti òṣèlú gba ìṣọ́ra sí i, nítorí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè òfin kò gba àjọ aláàánú láàyè láti ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan lẹ́yìn, àwọn kan sì máa ń bẹ̀rù kí òṣìṣẹ́ wọn má lọ gbé e wọlé. Nítorí pé ọmọdé ni ẹ sì ń bá ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ kankan, ẹ má ṣe fi àwòrán wọn ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ẹgbẹ́ bá ní ìlànà ààbò ọmọ tí ẹ̀ ń tẹ̀ lé.

Nínú fọ́ọ̀mù orí ayélujára, ẹ ó bá àpótí tí ń béèrè owó oṣù yín ní ipò kọ̀ọ̀kan pàdé. Ẹ tẹ 0 síbẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù náà kò bá gba òdo, ẹ tẹ iye tí ó kéré jù tí ó bá gbà, kí ẹ sì sọ nínú àpótí àlàyé pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ní apá ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn tí ń ṣa ìwé kì í ṣí apá yẹn nígbà mìíràn. Bí fọ́ọ̀mù náà kò bá sọ pé iṣẹ́ olówó nìkan ni kí a fi sí apá ìrírí, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ètò ìkọ́ni náà sí.

Ó wá ku àwọn ẹlẹ́rìí yín. Ọ̀gá yín ní ilé iṣẹ́ kò lè jẹ́rìí sí ètò ìkọ́ni, ẹ̀rí ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń kọ́ni kò sì ní wúwo tó, nítorí ọ̀rẹ́ náà kò sí lókè yín. Ẹni tí ó yẹ ni ẹni tí ẹ ń jábọ̀ fún: alága ẹgbẹ́, tàbí ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ìwé owó yín. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbátan yín. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, kí ni ẹ ṣe gan-an, ṣé òun yóò tún fẹ́ kí ẹ ṣe é? Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí òun náà, kí ó lè ní wákàtí 7 níwájú rẹ̀ nígbà tí fóònù bá dún, kí ó má baà fi inú rere sọ fún wọn pé ó tó 20.